Ìlú Tí Òkun Gbá, Ẹsẹ̀ La Fi Wọ̀ Ọ́

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ǹjẹ́ o ti gbé ilé kan rí níbi tí omi tí a fi ṣan ọwọ́ ti ń di omi ìfọbọ́, tí omi ìfọbọ́ tún ń di mímu fún ewúrẹ́? Bí o kò bá gbé irú rẹ̀ rí, fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, nítorí omi tó pọ̀ ju agbára ènìyàn lọ ni mo fẹ́ ròyìn, àárín àwọn tí omi kò tó rí ni a sì ti ròyìn rẹ̀. Lórí òkè pẹrẹsẹ Kétu ni wọ́n bí mi sí. Ilẹ̀ wa pupa, ó lọ́ràá, ó ń fún wa ní àgbàdo, ẹ̀pà àti ẹ̀wà láìṣahun. Ṣùgbọ́n bó bá di ti omi, ahun paraku ni. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ń fi í pamọ́ sí, níbi tí okùn kànga ti ń gùn títí tí ọmọ tó ń fà á yóò fi kọ orin tán kí korobá tó yọjú. Nítorí náà, ojú ọ̀run ni à ń wò. Agbo ilé wa ní kòtò omi kan tí àwọn baba bàbá mi gbẹ́ sínú ilẹ̀ bí ìkòkò ńlá tí ẹnu rẹ̀ há, òjò ọdún kan ni a sì ń tọ́jú síbẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn ará ibòmíràn a máa sá wọlé. Àwa a máa sá síta, tàwa ti agbada, ti abọ́, ti ìkòkò ọbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí òjò ń lu irin, ọwọ́ mi a ṣì máa wá nǹkan tí mo lè gbé sábẹ́ rẹ̀.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, àsíá òmìnira tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú ilé kọ̀máńdà, olórí ìjọba àgbègbè wa, ni, àwa ọmọ iléèwé sì ti kọ́ orin tuntun tí a ń kọ lábẹ́ rẹ̀. Nínú agbo ilé wa, kò sí ohun tó yí padà. Òwúrọ̀ ṣì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìgbálẹ̀ màmá mi, lẹ́yìn náà ohùn ọlọ tí a fi ń lọ ata, lẹ́yìn náà ikọ́ bàbá mi, tí a fi ń mọ̀ pé ó ti wọ ẹ̀wù oko, ó fẹ́ gba ọ̀nà Okpomẹ̀ta lọ. Àárín gbogbo rẹ̀ ni Ìyá Àgbà jókòó sí. Ìyá tó bí bàbá mi ni, ojú rẹ̀ ríran ju tèmi lọ, etí rẹ̀ ń gbọ́ ketekete, orúnkún nìkan ni ó kọ̀ fún un. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni kò ti rìn kọjá igi ìyeyè tó wà láàárín ọgbà. Abẹ́ rẹ̀ ni ó ń jókòó sí lórí àpótí, tó ń pa ẹ̀pà, èèpo ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òjò wẹ́wẹ́.

Nítorí pé Ìyá Àgbà kò lè rìn, ó ní òfin kan tó fi de gbogbo ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé. Onítọ̀hún yóò kọ́kọ́ mu omi, yóò bọ́ bàtà, yóò jókòó lórí ẹní, yóò sì mú Ìyá Àgbà rin ọ̀nà náà. Mo ní yóò mú un rìn ni, n kò ní yóò sọ fún un. Ẹni tó bá ní, "Ìyá, ọjà kún lónìí," yóò gbọ́, "Ta ló tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀?" Ẹni tó bá ní, "Oòrùn mú púpọ̀," yóò gbọ́, "Kí ni o fi bo orí, ibo lo sì ti rí i?" Bí ènìyàn bá wá gbójú gbóyà sọ pé nǹkan kan burú jáì, ìyá náà yóò na ọwọ́ sókè, ẹ̀pà yóò sì dúró láàárín ìka rẹ̀. "Ẹjọ́ lo dá yẹn. Ẹlẹ́rìí ni mo pè, n kò pe adájọ́." Òfin náà ní ìrù: gbogbo ẹni tó bá rin ìrìn náà ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, àgbà ni yóò bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kéré jù ni yóò parí rẹ̀. Kí ẹni tó kéré jù tó sọ tirẹ̀, ìdájọ́ kì í jókòó.

Bàbá mi ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, Tàǹtí Àṣàbí. Àwọn apẹja Pópó wá ra àgbàdo lọ́jà wa nígbà kan, ọ̀kan nínú wọn, Kòsí, ọkùnrin gíga tí èékánná rẹ̀ funfun nítorí iyọ̀, kò ra àgbàdo tán títí tó fi fẹ́ Tàǹtí. Ó mú un lọ sí ìlú kan létí òkun, tó kọjá Kutọnu, lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ pé òkun wà lápá kan rẹ̀, ọ̀sà wà lápá kejì. Iṣẹ́ ẹja yíyan ni Tàǹtí ń ṣe níbẹ̀. Bí apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀ bá ti ń bọ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù, òórùn rẹ̀ ni yóò ṣáájú wọ agbo ilé. Àwọn ológbò ilé Bàbá Lámídì, aládùúgbò wa, yóò fò lé ògiri, Bàbá Lámídì fúnra rẹ̀ yóò sì rántí pé òun kò tí ì kí ìyá wa lọ́jọ́ náà. Ìyá Àgbà a máa jẹ ẹja náà, a sì máa yínmú. Kò gbà fún ìgbéyàwó náà tán. Ọmọ kò tí ì sí láàárín wọn, a máa ní, kí wá ni ó dè é mọ́ etí omi tí kò ṣeé mu?

Ní ìgbà òjò ọdún náà ni àwọn awakọ̀ mú ìròyìn dé pé ìjì kan jà létí òkun, pé omi dìde, ó sì wọ inú àwọn ìlú. Ìyá Àgbà kò sunkún. Ó ní kí bàbá mi lọ mú ọmọ òun wálé, kí ó sì mú mi dání. Ní ilé wa, a kì í lọ kí ọmọ tí ìyà jẹ láìmú ọmọdé lọ́wọ́, nítorí ojú tó bá le sí àgbà yóò rọ̀ bó bá rí ọmọdé. Èmi sì ni Tàǹtí pọ̀n jù kó tó lọ ilé ọkọ. A wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Pobẹ̀, a wọ ọkọ̀ ojú irin dé Kutọnu, a tún wọ ọkọ̀ mìíràn lórí yanrìn. A dé ìlú náà, a ṣe díẹ̀ níbẹ̀, a sì mú Tàǹtí bọ̀. Kòsí dúró sẹ́yìn. Ó gbé ẹrù ìyàwó rẹ̀ dé ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ní, "Ẹ bá mi kí Ìyá," kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni a wọlé, ìrun àsárì ti kọjá, Bàbá Lámídì sì ti jókòó sórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ìyá Àgbà di Tàǹtí mú, ó fi ọwọ́ wọ́ ọ láti orí dé èjìká, bí ẹni tó ń yẹ ìkòkò tó ti ọjà dé wò bóyá ó sán. Lẹ́yìn náà ló sọ òṣùká tó wà lórí Tàǹtí kalẹ̀, ó ká a sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó lé e. Màmá mi gbá àyà mú. Òṣùká kì í ṣe nǹkan fún ará ibòmíràn, àkísà tí a ká tí a fi ń ru ẹrù lásán ni. Ní ilé wa, ìyá ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé ọmọ rẹ̀ lórí nígbà tó bá ń lọ sílé ọkọ. Bí ìyá bá jókòó lé e, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Ọmọ tó bá jáde láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ yọ ọ́ fún un, ó jáde bí ẹni tí kò ní ilé lẹ́yìn. Tàǹtí wo ibi tí òṣùká rẹ̀ wọ̀ sí.

Bàbá mi mu omi, ó bọ́ bàtà, ó sì ròyìn. Ó ti rẹ̀ ẹ́, àkókò ìkórè ẹ̀pà ló sì ti já wá, mo gbà fún un. "Ìyá, ilé wó. Igi àgbọn wó. Ọkọ̀ ojú omi fọ́, àwọ̀n fà ya, ààrò ẹja Àṣàbí ṣàn lọ. Oúnjẹ bàjẹ́. Òpópónà kún fún yanrìn. Kànga ìlú di omi iyọ̀. Ìyẹn ni mo rí."

"O ti kà á fún mi," ni Ìyá Àgbà wí. "O kò mú mi dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú ohun tí o kà tí mo mọ̀ láìrìn. Kànga di omi iyọ̀. Ibi tí ọmọ mi kò ti rí omi mu, kò ní gbé ibẹ̀. Kòsí lè wá síbí wá dáko."

"Kòsí dáko kẹ̀?" ni Bàbá Lámídì wí. "Yóò da àwọ̀n bo ẹ̀wà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tàǹtí Àṣàbí kúnlẹ̀. "Ìyá," ni ó wí, "n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Àmọ̀kẹ́ lọ. Kò tí ì sọ tirẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo dìde, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn bí a ti ń ṣe níwájú pátákó iléèwé, mo gbé àgbọ̀n sókè. "Ní ìlú náà, ilé wà tó wó. Igi wà tó ṣubú. Ọkọ̀ wà tó fọ́."

"Ẹ gbà wá," ni Bàbá Lámídì wí, "ọmọ yìí ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì."

"Jókòó," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìdúró kọ́ la fi ń rìn nílé yìí. Na ẹsẹ̀ rẹ kí n rí i. Ẹsẹ̀ yìí ló lọ, àbí òmíràn?"

"Òun ni, Ìyá."

"Ó dára. O fò sílẹ̀ látinú ọkọ̀. Ó ba ilẹ̀. Ilẹ̀ ṣe báwo?"

Mo ṣíjú wo ẹsẹ̀ mi. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ẹsẹ̀ náà rántí. "Ó tutù, Ìyá. Yanrìn ni, ṣùgbọ́n ó ti mu omi yó. Ó gbé ẹsẹ̀ mi mì dé ọrùn rẹ̀. Mo fà á, kò fẹ́ fi í sílẹ̀, ó wá dún, ṣọ́ọ̀pọ́."

"Bí ìgbà tí a bá fa ọmọrógùn yọ nínú ọkà tó le."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo wá tẹ nǹkan kan tó rọ̀, tó ń yọ̀. Mo rò pé ìgbẹ́ ni."

"Àmọ̀kẹ́!" ni màmá mi kígbe.

"Fi í sílẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣé ìgbẹ́ ni?"

"Gaàrí ni. Omi ló gbé e jáde nínú àpò ẹnì kan, ó ti wú, ó tẹ́ gbalasa lójú ọ̀nà bí ẹní funfun. Adìyẹ kan dúró lé e lórí, ó ń jẹ ẹ́. A gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sá. Ó ti yó, ìyẹ́ rẹ̀ kò ká mọ́."

"Ta ló lé e?"

"Kò sẹ́ni tó lé e, Ìyá. Gbogbo wọn ń wò ó."

Ìyá Àgbà yíjú sí bàbá mi. "Akànní, o kò sọ fún mi pé ebi ń pa wọ́n."

"Mo ní oúnjẹ bàjẹ́, Ìyá."

"O sọ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Gaàrí tí adìyẹ ń jẹ lójú ènìyàn tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì gbé láti lé e, òun ló ṣe mí." Ó tún padà sí mi. "Rìn. Imú rẹ ńkọ́?"

Mo ti di arúgbó báyìí, mo ti ka ìwé púpọ̀, mo sì ti fi ìwé kíkọ ṣe iṣẹ́. N kò tí ì rí òfin ìròyìn tó ju ti abẹ́ igi ìyeyè yẹn lọ. Bí o bá to ohun tí ìjì bàjẹ́ jọ fún ènìyàn, yóò mi orí, yóò bá ọ kẹ́dùn, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ kàn lójú ọ̀nà, tí ẹnì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe nǹkan tàbí tí kò lè ṣe nǹkan, yóò gbé gbogbo ìyókù wá láìpè é. Ìyá Àgbà kò kọ́ mi ní èyí bí ẹ̀kọ́. Ó kàn ń béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀ ni.

Mo sọ fún un pé òórùn ẹja ni imú mi kọ́kọ́ gbọ́, kì í sì í ṣe ti Tàǹtí; ti ẹja tí kò rí iná ni, tí òkun fi há sẹ́yìn àwọn ilé, tí eṣinṣin bò débi pé ó dà bí ẹni pé ó tún ń mí. Mo ní òórùn èédú tútù náà wà, bí ìgbà tí òjò bá ká ààrò mọ́ ìta. Ó bi mí léèrè bóyá òkun ń ké. Mo rò ó. Mo fẹ́ sọ pé ó ń ké, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí etí mi gbọ́ nìyẹn.

"Kò ké, Ìyá. Ẹ mọ bí àgbàdo gbígbẹ ti ń ró tí a bá ń dà á látinú apẹ̀rẹ̀ sórí ẹní? Bẹ́ẹ̀ ló ń ró. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ náà kì í tán. Mo ń retí kó tán kí n lè sọ̀rọ̀, kò tán. Nígbà tó yá, mo kàn ń sọ̀rọ̀ lé e lórí."

Tẹ̀sùbáà Bàbá Lámídì dákẹ́. "Àgbàdo tí kì í tán," ni ó wí kẹ́lẹ́. "Ọlọ́run ọba."

"Ohùn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Ìgbálẹ̀." Mo ti dé ibẹ̀ báyìí, n kò rí igi ìyeyè mọ́. "Obìnrin kan ń gbá yàrá rẹ̀. Imọ̀ àgbọn ló fi ṣe ìgbálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun, ó ń gbá yanrìn bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, ó tẹ̀ ba, ó kó o síta, ó tún padà sí igun. Ṣùgbọ́n kò sí ògiri, Ìyá. Omi ti kó ògiri lọ, òrùlé bá a lọ. Férémù ẹnu ọ̀nà nìkan ló dúró. Ibi gbogbo la lè gbà wọlé. Bàbá dúró níwájú ẹnu ọ̀nà náà, ó ní, 'Àgò o!' Obìnrin náà gbé orí sókè, ó ní, 'Àgò yà, ẹ wọlé.' Bàbá bọ́ fìlà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Èmi náà gbà á."

Bàbá mi ń fi ìka fa ojú ẹní.

"Akànní, o kí àgò níbi tí kò sí ògiri?"

"Ìyá, ilé rẹ̀ ni."

"Ilé ta ni?"

Èmi ni mo dáhùn. "Tàǹtí ni, Ìyá. Tàǹtí ló ń gbálẹ̀."

Ìyá Àgbà wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Mo rò pé omi ló lé ọmọ mi jáde. Àṣé ibi tó ti ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ ni mo rán ènìyàn lọ gbé e kúrò." Kò sì tí ì dìde lórí òṣùká. "Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ibo ló wà tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gbálẹ̀?"

Mo mú un dé ẹ̀yìn ilé. Ọkọ̀ ojú omi wọn wà níbẹ̀, ọ̀kan tó gùn ju agbo ilé wa lọ, tí òkun gbé sọ sáàárín igi àgbọn méjì, níbi tí àwa ìbá ti so ewúrẹ́. Mo sọ bí Kòsí àti àwọn ará àdúgbò ti ń fà á padà sí etí omi. Wọ́n gé igi àgbọn tó ṣubú sí gìtì gìtì, wọ́n tò ó sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè máa yí. Kòsí di okùn mú níwájú, ó gbé ohùn sókè, àwọn yòókù gbè é, gbogbo ẹ̀yìn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní àkọ́kọ́, okùn nìkan ló gùn. Lẹ́yìn náà ni inú ọkọ̀ ké, bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ó sì fi ẹsẹ̀ kan kúrò níbi tó wà. Bí ó bá ti yí kọjá lórí igi kan, àwa ọmọdé a sáré fà á yọ lẹ́yìn, a gbé e lọ iwájú. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi fún Ìyá Àgbà kí ó fọwọ́ kàn án. Ibi tí mo ti di okùn mú ṣì le, iyọ̀ ti wọ inú ẹgbò rẹ̀.

"Bàbá náà fà á," ni mo wí. "Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, kò tí ì mu omi, ó sì lọ di okùn mú."

"Akànní, ọmọ Kétu?" Bàbá Lámídì bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o ń bẹ̀rù ọ̀gbàrá!"

"Wọ́n ń fà á," ni bàbá mi wí, "mo sì wà níbẹ̀."

"Kò tí ì mu omi," ni Ìyá Àgbà tún un sọ. Ibẹ̀ ló há sí, mo sì mọ̀ ọ́n. "Nígbà tí ẹ wá fẹ́ mu, kí ni ẹ mu?"

Mo ní mo ti sáré lọ síbi kànga wọn. Mo ju korobá sínú rẹ̀, mo múra láti kọ orin, korobá sì ti kan omi kí n tó la ẹnu. Mo fà á, mo mu ún, mo pọ̀ ọ́. Iyọ̀ ni. Ìyá Àgbà mi orí, ojú rẹ̀ sì tún le. Ṣùgbọ́n n kò tí ì dé òpin. Mo ní Tàǹtí rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó mú igbá, ó fà mí lọ́wọ́ gun òkè yanrìn kan lábẹ́ àwọn igi àgbọn, níbi tí ìgbì kò dé. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi igbá wa yanrìn. Òkè rẹ̀ gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rin. Nígbà tí apá rẹ̀ wọ ibẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó dúró. Omi ń jáde wá láti ẹ̀gbẹ́ ihò náà, díẹ̀díẹ̀, bí òógùn. Ó bù ú dànù, nítorí ó dọ̀tí, ó dúró, ó tún bù ú dànù, ẹ̀kẹta ni ó gbé fún mi.

"Mo ní kí ó gbẹ́ ẹ sí i kí ó lè pọ̀. Ó ní rárá. Ó ní omi òjò ló wà lókè, ti òkun wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òjò fúyẹ́, iyọ̀ wúwo, ìyẹn ni kò fi jẹ́ kí wọ́n pò pọ̀. Ó ní ẹni tó bá ṣe wọ̀bìà tó gbẹ́ ẹ jù, iyọ̀ ni yóò pàdé."

Ẹ̀pà ti dúró lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. "Dé ibo lo ní?"

"Dé ibí." Mo fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ mi.

"Ó sì dùn?"

"Ó dùn, Ìyá."

"Lámídì," ni Ìyá Àgbà wí, "bí ìwọ àti èmi bá gbẹ́ ilẹ̀ yìí dé ìgbọ̀nwọ́, kí ni a ó rí?"

"Ìgbọ̀nwọ́ wa," ni Bàbá Lámídì dáhùn.

Ẹ̀rín bú jáde, kódà lẹ́nu Tàǹtí. Nínú ẹ̀rín náà ni mo rántí ẹ̀bùn mi. Ọmọ Kétu kì í kọjá lẹ́bàá omi kó fi ọwọ́ òfo wálé. Mo ti rọ òkun kún akèrègbè kan, mo dì í lẹ́nu, mo gbé e lórí itan láti etí òkun dé ilé. Mo mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi òjò wa pẹ̀lú máa ń pọ́n bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kòtò, a ó fi í sílẹ̀, ẹrẹ̀ yóò sì rọlẹ̀. Mo rò pé bí mo bá da òkun sínú àmù, tí mo bo ọmọrí lé e, iyọ̀ náà yóò rọlẹ̀. Mo gbé akèrègbè náà síwájú Ìyá Àgbà, mo sì ṣàlàyé ètò mi. Ó bù ú sẹ́nu. Ojú rẹ̀ ká jọ, ó tu ú dànù, ó tún nu ahọ́n rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró.

"Èyí kò ní tòrò láéláé," ni ó wí. "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí dé ìdí àmù mi!"

Ìgbà náà ni Tàǹtí Àṣàbí dìde, ó lọ tú ẹrù rẹ̀, ó mú akèrègbè tirẹ̀ wá, èyí tí a ń mu bọ̀ lójú ọ̀nà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù ní ìdí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà mu ún. Kò gbé e mì kíákíá. Ó mú un dúró lẹ́nu, ojú rẹ̀ pa dé, ọ̀fun rẹ̀ wá lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀kan.

"Ó dùn," ni ó wí. "Ó ń rùn bí èéfín díẹ̀."

"Igbá tí mo fi ń bomi wà lórí ààrò tẹ́lẹ̀, Ìyá," ni Tàǹtí wí. "Mo ti tún ìdí ààrò náà mọ kí Ẹ̀gbọ́n tó dé. Amọ̀ rẹ̀ kò tí ì gbẹ ni."

"O kò sì sọ."

"Ẹni tó kéré jù ló ń parí rẹ̀. Òfin yín ni."

Ìyá Àgbà ti ọwọ́ sílẹ̀, ó gbé ara sókè díẹ̀ pẹ̀lú ìrora orúnkún, ó sì yọ òṣùká náà. Ó ti pẹlẹbẹ bí àkàrà tí ènìyàn jókòó lé. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára rẹ̀, ó gbìyànjú láti fẹ̀ ẹ́ jáde kí ó rí róbótó, ó rí pé kò ṣeé ṣe, ó sì gbé e lé Tàǹtí lórí bẹ́ẹ̀. "Ká òmíràn tí o bá délé," ni ó wí. "Kí o sì sọ fún Kòsí pé mo ti mu omi rẹ̀. N kò ní yínmú sí ẹja rẹ̀ mọ́."

"Ẹ ó yínmú," ni Tàǹtí wí, omijé ti bo ojú rẹ̀.

"Bóyá díẹ̀."

Alẹ́ ọjọ́ náà, ọkà àgbàdo àti ọbẹ̀ ilá ni a jẹ. Bàbá mi jẹun láìsọ̀rọ̀, àfi ìgbà tí a ṣan ọwọ́ tán, tó wò mí tó ní, "O gbàgbé láti sọ pé nígbà tí ọkọ̀ náà kan omi, gbogbo wọn dákẹ́." Òótọ́ ni, mo gbàgbé. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ, ó ní kí ó jókòó padà, kí ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì mú òun dé ibẹ̀. Bàbá mi na ẹsẹ̀.

Tàǹtí Àṣàbí padà sí etí òkun nígbà tí ọjà wa tún ná, èmi ni mo gbé ẹrù rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Ó bí ọmọ níbẹ̀, ó yan ẹja níbẹ̀ títí ó fi di arúgbó, orí òkè yanrìn náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ìyá Àgbà kò fojú kan òkun títí tó fi kú.